Aṣọ Kan ní Àwọ̀ Mẹ́ta, Láì Fọwọ́ Kan Fọ́tò

Télọ̀ kan rán ìró àti bùbá léèsì aláwọ̀ ewé, ó ya fọ́tò ẹni tó wọ̀ ọ́, ó sì fẹ́ kí àwọn oníbàárà rí bí aṣọ yẹn yóò ṣe rí ní pupa àti ní búlúù. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń ṣe ni pé wọn á ṣí fọ́tò náà nínú Photoshop, wọn á lọ sí `Image > Adjustments`, wọn á pa àwọ̀ rẹ̀ dà, wọn á sì fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé ti lọ nìyẹn. Photoshop ń rántí ìgbésẹ̀ 50 tó gbẹ̀yìn, àmọ́ tí a bá ti pa fáìlì dé, ìrántí yẹn ò sí mọ́. Bí télọ̀ bá padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé pupa yẹn ti mú jù, iṣẹ́ di àtìbẹ̀rẹ̀.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Láti 1994 ni ìpele, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní léyà, ti wà nínú Photoshop. Fọ́tò gan-an á wà nísàlẹ̀, a ò ní fọwọ́ kàn án. Gbogbo àtúnṣe á wà lórí àwọn ìpele tó lé e lórí, bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ nílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara sórí àwòrán tó sì ń kùn ún lórí nílọ́ọ̀nù. Ìpele kọ̀ọ̀kan lè ní ìbòjú, ìyẹn máàsìkì. Ibi tí ìbòjú bá ti funfun, àtúnṣe á hàn níbẹ̀. Ibi tó bá dúdú, kò ní hàn. Ibi tó bá ní àwọ̀ eérú, á hàn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ télọ̀ yìí. Ẹ fi `Quick Selection` yan bùbá àti ìró. Ní ìsàlẹ̀ pátákó `Layers`, ẹ tẹ àmì fódà, kí ẹ sì tẹ àmì ìbòjú tó wà nítòsí rẹ̀: aṣọ á di funfun nínú ìbòjú, gbogbo ibi yòókù á dúdú. Inú fódà yìí ni gbogbo àtúnṣe aṣọ á máa wọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gé etí aṣọ, iye àwọ̀ tó wù kẹ́ ẹ fẹ́.

Ẹ fi ìpele `Hue/Saturation` kan sínú fódà náà, kẹ́ ẹ fa `Hue` sí -120. Ewé á di pupa. Ẹ fi òmíràn síbẹ̀, kẹ́ ẹ fa tirẹ̀ sí +120, ìyẹn á di búlúù. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ, kẹ́ ẹ máa fi àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pa ọ̀kan mọ́ kí èkejì lè hàn.

Ọrùn àti èjìká ni ìṣòro ti máa ń yọjú. Bí ìbòjú bá kọjá etí bùbá, awọ ara tó bá kó sínú rẹ̀ á yọ àwọ̀ bí àlùkò nígbà tí aṣọ bá pupa, ẹ ò sì ní ṣì í mọ̀. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ kùn ún ní dúdú nínú ìbòjú. Bí ẹ bá kùn ún jù, ẹ tẹ `X`, kẹ́ ẹ fi funfun dá a padà. Ní ti irun dídì tó já sórí èjìká, ẹ ṣí `Select and Mask`, kẹ́ ẹ fi `Refine Edge Brush` gba orí ibi tí irun àti léèsì ti pàdé. Ẹ di `Alt` mú kẹ́ ẹ tẹ ìbòjú náà kẹ́ ẹ lè rí i ní funfun àti dúdú nìkan: ihò tó bá fara pamọ́ sáàárín léèsì á hàn kedere.

Ẹ tún wo abẹ́ àgbọ̀n. Aṣọ ewé máa ń tan àwọ̀ rẹ̀ sí ara, bí aṣọ bá sì ti di pupa, ewé tó ṣẹ́ kù lọ́rùn á tú àṣírí. Ẹ ṣí ìpele òfìfo lókè fódà, kẹ́ ẹ yí i sí `Color`, kẹ́ ẹ mú àwọ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ sì rọra fi kùn ún ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí okùn irun kan bá ta sórí aṣọ tí ẹ fẹ́ pa á rẹ́, ìpele òfìfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fódà, lórí fọ́tò gan-an, kí `Healing Brush` sì wà ní `Current & Below`. Bí ẹ bá ṣe é lókè pátápátá pẹ̀lú `All Layers`, pupa ló máa dà kọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí aṣọ sí búlúù, àpá pupa á wà lórí èjìká.

JPEG lẹ máa fún télọ̀, PSD lẹ máa tọ́jú, torí JPEG máa ń pa gbogbo ìpele pọ̀ di ọ̀kan. Tó bá wá ní pupa ti mú jù, ẹ tẹ àmì ìpele pupa lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ dín `Saturation` kù, ó parí.

Àmọ́ `Hue` ò rí nǹkan kan fà nínú léèsì funfun. `Solid Color` tí a yí sí `Multiply` la máa fi sínú fódà kan náà. Ní ti aṣọ dúdú, iṣẹ́ ọnà ara léèsì ti rì sínú òkùnkùn, ìpele kankan ò lè dá a padà. Kí télọ̀ kúkú ya èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀.