Bí Orúkọ Bá Kúrò Nínú Ìwé Ẹgbẹ́, Níbo ni Gbèsè ń Lọ?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ti pa ìwé ńlá tì, tó ti kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Àtẹ mẹ́ta ni akọ̀wé ń lò. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Owó tí wọ́n yá wà nínú èkejì, ìsanpadà oṣooṣù sì wà nínú ẹ̀kẹta. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ní nọ́ńbà 27 yá ₦200,000. Ó ń san ₦20,000 lóṣù, ó sì ti san ti oṣù mẹ́fà kó tó kó lọ sí ìlú mìíràn. Bí a bá fi ti èlé sílẹ̀, ₦80,000 ló kù lọ́rùn rẹ̀. Akọ̀wé tuntun dé, ó rí i pé ẹni yìí kì í wá sípàdé mọ́, ó sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Kò sí ohun tó sọ fún un pé gbèsè wà nílẹ̀. Ìlà ẹ̀yáwó náà ṣì wà níbi tó wà, nọ́ńbà 27 ló ṣì ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 27 kò sí mọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń to orúkọ àwọn onígbèsè mọ́ owó tí wọ́n jẹ, kò rí orúkọ tó bá ìlà yìí mu, ó sì fò ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, obìnrin kan wọ ẹgbẹ́, wọ́n wo nọ́ńbà tó ṣófo, wọ́n fún un ní 27. Lójú ẹsẹ̀ ló di onígbèsè ₦80,000, nínú ọ̀rọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìlà ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní ọmọ òrukàn: ìlà tí òbí rẹ̀ ti kú, tí òun ṣì wà láyé. Ọ̀nà láti dènà rẹ̀ ti pẹ́. Lọ́dún 1970, Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí IBM ní San Jose, ní Kalifóníà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó ṣàlàyé bí a ṣe lè kó ìsọfúnni rẹpẹtẹ sínú àtẹ tó so kọ́ra. Inú àpilẹ̀kọ yẹn ló ti sọ̀rọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ àjòjì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fọ́ọ̀rìn kíì. Òpó kan nínú àtẹ ni, àmọ́ àtẹ mìíràn ló ni nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ lò ó lórí PostgreSQL, bí wọn yóò ṣe kọ ọ́ nìyí:

```
CREATE TABLE eyawo (
  id        integer PRIMARY KEY,
  omo_egbe  integer NOT NULL REFERENCES omo_egbe (id),
  iye       integer NOT NULL
);
```

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí rù: `REFERENCES`. Òun ló sọ fún dátábéèsì pé nọ́ńbà yòówù tó bá wọ òpó `omo_egbe` gbọ́dọ̀ wà nínú àtẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kó sì máa wà níbẹ̀ títí tí ìlà ẹ̀yáwó náà yóò fi kúrò. Bí akọ̀wé bá fẹ́ tẹ 27, tí ọwọ́ rẹ̀ yí i padà sí 72, tí ẹgbẹ́ kò sì ní ẹni tó ń jẹ́ 72, kò ní wọlé. Ohun tí yóò rí lójú kọ̀ǹpútà nìyí:

```
ERROR:  insert or update on table "eyawo" violates foreign key constraint "eyawo_omo_egbe_fkey"
DETAIL:  Key (omo_egbe)=(72) is not present in table "omo_egbe".
```

Ìlà kejì ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ kà. Òun ló dárúkọ nọ́ńbà tí dátábéèsì wá, tí kò rí. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára òfin yìí mọ náà nìyẹn. Bí ọwọ́ akọ̀wé bá tẹ 26 dípò 27, tí 26 sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́, yóò wọlé ni, nítorí dátábéèsì kò mọ ẹni tó wá yáwó lọ́jọ́ náà. Bákan náà, bí `NOT NULL` kò bá sí nínú òfin, akọ̀wé lè fi òpó náà sílẹ̀ lófìfo, kọ́kọ́rọ́ àjòjì kò sì ní bínú, torí ohun tó ṣófo kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan máa ń bi í pé: ṣebí ètò tí akọ̀wé ń lò lè yẹ àtẹ wò fúnra rẹ̀ kó tó kọ nǹkan sílẹ̀? Ó lè yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ kò tó. Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ àti akápò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lákòókò kan náà. Ètò akọ̀wé bèèrè bóyá nọ́ńbà 27 wà, wọ́n ní ó wà. Kó tó kọ ẹ̀yáwó sílẹ̀, ètò akápò bèèrè bóyá 27 jẹ gbèsè kankan, wọ́n ní kò jẹ, akápò sì pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé kọ ẹ̀yáwó tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló yẹ ìwé wò, àwọn méjèèjì ló rí òótọ́, síbẹ̀ ọmọ òrukàn ti délé. Bí kọ́kọ́rọ́ àjòjì bá wà, gbàrà tí ẹ̀yáwó bá ń wọlé ni dátábéèsì yóò ti di ìlà nọ́ńbà 27 mú, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́ títí iṣẹ́ yẹn yóò fi parí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò ráyè, èkejì á gba ìdáhùn pé kò ṣeé ṣe. Ètò tó wà níta dátábéèsì kì í sábà ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìparẹ́. Bí ẹni tó kọ òfin kò bá sọ ohunkóhun, bíi ti òkè yìí, dátábéèsì á kọ̀ láti pa òbí tó ní ọmọ rẹ́. Akọ̀wé á pàṣẹ kí wọ́n pa 27 rẹ́, wọ́n á ní rárá, àtẹ `eyawo` ṣì ń tọ́ka sí i. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìdáhùn tó dára jù nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún òfin náà, `ON DELETE CASCADE`, ó parí. Láti ìgbà yẹn lọ, bí òbí bá lọ, ọmọ á bá a lọ. Bí ọmọ yẹn náà bá ní ọmọ, tí irú òfin kan náà sì wà láàárín wọn, ọmọ-ọmọ á lọ pẹ̀lú. Ká ní ẹgbẹ́ wa fi í sí àtẹ ẹ̀yáwó àti àtẹ ìsanpadà, kí akọ̀wé sì pa nọ́ńbà 27 rẹ́:

```
DELETE FROM omo_egbe WHERE id = 27;
DELETE 1
```

Ẹ wo ìlà kejì yẹn dáadáa. Ìlà kan ni PostgreSQL sọ pé òun pa rẹ́, torí ìlà tí àṣẹ dárúkọ nìkan ló ń kà. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́jọ ló lọ: orúkọ kan, ẹ̀yáwó kan, ìsanpadà mẹ́fà. Ẹni tó bá ń wo ojú kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀. Ìgbà tí akápò bá gbé ìwé ẹgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báńkì ni àṣírí máa tú. ₦200,000 jáde ní báńkì lóòótọ́, ₦120,000 sì padà wọlé. Ìwé ẹgbẹ́ kò rántí ìkankan nínú méjèèjì mọ́, ó sì ń sọ pé ó yẹ kí owó tó wà nílẹ̀ fi ₦80,000 ju èyí tí báńkì ń sọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọn yóò fura sí ni akápò, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́.

Àwọn àtẹ yìí ì bá yọ bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá kọ̀. Ká ní ẹ̀yáwó gba ìparẹ́ tó ń ràn, ṣùgbọ́n àtẹ ìsanpadà wà lórí òfin ìkọ̀sílẹ̀. Ìparẹ́ á ti ọ̀dọ̀ 27 dé orí ẹ̀yáwó rẹ̀, á bá ìsanpadà mẹ́fà níbẹ̀, á sì dúró. Kì í ṣe pé yóò pa ìdajì rẹ́ kó fi ìdajì sílẹ̀ o. Gbogbo àṣẹ náà ni dátábéèsì á dá padà, nọ́ńbà 27 fúnra rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé àtẹ kan péré ni ẹgbẹ́ lè dáàbò bò, kó jẹ́ èyí tí owó tó ti wọlé wà.

Ìparẹ́ tó ń ràn náà ní ibi tó ti wúlò gan-an. Ọmọ ẹgbẹ́ kan lè ní nọ́ńbà fóònù mẹ́ta nínú àtẹ tiwọn. Bí ẹni náà bá lọ, kí ni ẹgbẹ́ fẹ́ fi nọ́ńbà fóònù tí kò ní olówó ṣe? Kó bá a lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń kọ òfin bi ara rẹ̀ lórí àtẹ kọ̀ọ̀kan ni bóyá ìlà yìí ṣì ń sọ ohun kan fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí òbí rẹ̀ bá lọ. Ìsanpadà ń sọ̀rọ̀: owó wọlé lọ́jọ́ báyìí-báyìí, kò sì sí ohun tó lè yí ìyẹn padà. Ọ̀nà kẹta tún wà, `ON DELETE SET NULL`, tó ń fi ọmọ sílẹ̀ tó sì ń sọ òpó ìtọ́ka di òfìfo. Ó bá òpó tó ń sọ ẹni tó mú ọmọ ẹgbẹ́ wọlé mu, torí pé bí ẹni tó mú un wá bá lọ, ọmọ ẹgbẹ́ ṣì ni òun. Ní ti nọ́ńbà 27, ohun tó yẹ ni kí àtẹ ọmọ ẹgbẹ́ ní òpó ọjọ́ ìjáde, kí wọ́n kọ ọjọ́ síbẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀ dúró.

Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí kò mọ òfin tó wà lórí àtẹ, lè dán an wò kó má sì sí ohun tó bàjẹ́. Kó kọ `BEGIN;` ṣáájú, kó pa ìlà rẹ́, kó ka iye ìlà tó kù nínú àwọn àtẹ tó kù, kó wá kọ `ROLLBACK;`. Ohun gbogbo á padà sípò.

Bí ẹgbẹ́ bá sì ti ń lo àtẹ láìsí òfin láti ọjọ́ pípẹ́, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn ọmọ òrukàn tó wà nílẹ̀, nítorí PostgreSQL kò ní gbà kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àjòjì kún àtẹ nígbà tí ìkankan ṣì wà:

```
SELECT e.id, e.omo_egbe
FROM eyawo e
LEFT JOIN omo_egbe o ON o.id = e.omo_egbe
WHERE o.id IS NULL;
```

Ìlà kọ̀ọ̀kan tí èyí bá gbé jáde ni kí akọ̀wé mú tọ ìwé àtijọ́ lọ, kó mọ ẹni tó ni ín kó tó fọwọ́ kàn án. Kò ní rí gbèsè tí ẹlòmíràn ti jogún nọ́ńbà rẹ̀, bíi ti obìnrin tó gba 27, torí ìtọ́ka yẹn ti rí òbí mìíràn. Fún irú èyí, kí wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n yáwó wé ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ wọlé. Àwọn tó ń lo SQLite, tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù, ní iṣẹ́ kan sí i. Láti ọdún 2009 ló ti lè mú òfin yìí ṣẹ, àmọ́ bó ṣe máa ń wá ni pé wọ́n ti pa á. Ó ń ka `REFERENCES`, ó ń tọ́jú rẹ̀, kì í sì í lò ó, àfi bí ètò bá kọ `PRAGMA foreign_keys = ON;` ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí dátábéèsì náà.