Ìgbà Tí A Bá Paná Ni Kọ́ìlì Ń Jà

Sitabiláísà kan dé orí tábìlì atúnṣe kan lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan. Àìsàn kan náà ló ń ṣe é. Iná Nẹ́pà á lọ sílẹ̀, rílèè tó yẹ kó dún “kaà” kó sì gbé iná náà sókè ò ní dún, fìríìjì oníbàárà á sì máa gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, tùránsísítọ̀ kékeré tó ń darí rílèè náà, BC547, ló kú. Ọkùnrin náà pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, oníbàárà sì gbé e lọ sílé. Nígbà tó tún tú u lẹ́ẹ̀kẹta, BC547 tuntun yẹn náà ti kú.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún tùránsísítọ̀ yìí kò wúwo rárá. Kó jẹ́ kí 30 mílíámúpù kọjá, kó sì dí i nígbà tó bá yẹ, ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ BC547 lè gbé 100. Ọ̀pọ̀ èèyàn á di ẹ̀bi ru Nẹ́pà. Ṣùgbọ́n rílèè tí tùránsísítọ̀ náà ń darí gan-an ló ń pa á, ìgbà tó bá sì ń paná rílèè ọ̀hún ni ikú ń wọlé.

Bí a bá ya ike búlúù tó bo rílèè kúrò, wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí la máa kọ́kọ́ rí, tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá irin kan láìmọye ìgbà. Kọ́ìlì nìyẹn. Bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀pá irin náà á di òòfà, á fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra, irin pẹlẹbẹ náà á sì ṣí láti ojú kan bọ́ sí òmíràn. Òun ló ń dún “kaà”. Kọ́ìlì rílèè oní-12 fólítì tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ 400 óòmù. Bí a bá fi 400 pín 12, 30 mílíámúpù la máa rí.

Òòfà yẹn ti tọ́jú agbára pamọ́. Ẹni tó bá ti ti ọmọlanke tó kún fún àpò gàrí rí á mọ ohun tí à ń wí. Ó máa ń ṣòro kó tó gbéra, àmọ́ bó bá ti ń yí, dídá a dúró tún wá di wàhálà. Bí táyà rẹ̀ bá já sí kòtò lójijì, àpò á fò síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni iná inú kọ́ìlì ṣe rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé dí ọ̀nà mọ́ ọn, òòfà tó ń túká á máa ti fólítì sókè, títí iná náà á fi rí ibi fọ́ jáde. Joseph Henry, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tó wà ní ìlú Albany nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1832 pé bí òun bá já wáyà gígùn kúrò lára bátìrì, iná máa ń ta pàrà lójú ibi tó já, ó sì máa ń le sí i bí wọ́n bá wé wáyà náà. Orúkọ rẹ̀ la fi ń wọn ìwà kọ́ìlì yìí dòní: hẹ́ńrì.

Ká ní kọ́ìlì rílèè wa jẹ́ ààbọ̀ hẹ́ńrì, kí tùránsísítọ̀ sì gé 30 mílíámúpù rẹ̀ láàárín ìdá kan nínú 100,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìṣirò á gbé 1,500 fólítì jáde. Lójú ayé kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀, torí wáyà tí wọ́n wé mọ́ra wọn náà máa ń gba díẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kò ṣòro fún un rárá láti kọjá 200 tàbí 300. Fólítì 45 péré sì ni BC547 lè fara dà. Ó lè má kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè jẹ ìyà yìí fún ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dákẹ́, ohun tó sì ń tan atúnṣe jẹ nìyẹn: ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dáadáa lójú rẹ̀ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó ń gba tùránsísítọ̀ sílẹ̀ ni dáyóòdù kan ṣoṣo. Dáyóòdù dà bí ìgèrè apẹja, tí ẹja lè wọlé sí ṣùgbọ́n tí kò lè gba ẹnu rẹ̀ padà. Ọ̀nà kan ni iná lè gbà kọjá nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń jó o mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ìlì, kí ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ìlà ara rẹ̀ wà níhà pọ́sítífù. Nígbà tí rílèè bá ń ṣiṣẹ́, dáyóòdù ti kẹ̀yìn sí iná, kò gba nǹkan kan. Àmọ́ bí tùránsísítọ̀ bá ti gé iná, ẹsẹ̀ kọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ á fò sókè, á ga ju pọ́sítífù lọ. Bó bá ti fi nǹkan bí 0.7 fólítì ga jù ú, dáyóòdù á gbà á wọlé. Iná náà á yí padà sínú kọ́ìlì tó ti wá, á máa pòyì níbẹ̀ títí ooru wáyà á fi jẹ ẹ́ tán, láàárín ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Fólítì 12.7 péré ló dé ọ̀dọ̀ tùránsísítọ̀.

Bí ọmọ iṣẹ́ bá wá jó o sódì ńkọ́? Nígbà tí tùránsísítọ̀ bá ṣí, pọ́sítífù á gba inú dáyóòdù lọ tààrà sí ilẹ̀ láìsí ìdènà. Rílèè ò ní dún, èéfín á sì yọ lára ọ̀kan nínú wọn.

Dáyóòdù yìí náà ní àléébù tirẹ̀. Nítorí pé iná ń pòyì, òòfà ń túká díẹ̀díẹ̀, ojú irin rílèè sì ń lọ́ra láti ya. Bó bá jẹ́ mọ́tò omi kànga ni rílèè náà ń pa, iná á pẹ́ lójú irin bó ṣe ń ya, ojú náà á sì máa jóná. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń to dáyóòdù sínà oní-24 fólítì tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, kó kọjú sódì sí i. Fólítì á wá ga dé nǹkan bí 37, tí kò tíì tó 45 tó ń pa BC547, òòfà á sì tètè tú. Fún rílèè tí iná Nẹ́pà tó ń lọ tó ń bọ̀ ń wọ kọ́ìlì rẹ̀ tààrà, dáyóòdù ò bá a mu rárá, torí á já iná náà pọ̀ ní ìdajì gbogbo ìyípo. Rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Sitabiláísà wa ní dáyóòdù tirẹ̀. Ọkùnrin náà tilẹ̀ ti fi mítà wò ó lẹ́ẹ̀kejì tó tú ẹ̀rọ náà, mítà sì ka nǹkan bí 0.4, ó ní ó ṣì wà láàyè. Kò yí wáyà mítà padà. Bó bá yí i ni, 0.4 kan náà ni ì bá rí, nítorí kọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mítà ń kà: 1 mílíámúpù tí mítà ń rán jáde ń gba inú 400 óòmù kọjá. Dáyóòdù ì báà ti kú, ì báà wà láàyè, nọ́ńbà yẹn ò ní yí padà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi áyọ́ọ̀nù yọ ẹsẹ̀ kan dáyóòdù náà kúrò nínú bọ́ọ̀dù, ó tún wò ó. Mítà ò ka nǹkan kan. Ó yí wáyà padà, kò tún ka nǹkan kan: inú rẹ̀ ti já. Ó mú 1N4007 tuntun nínú páálí, ó wò ó ná: 0.6 lápá kan, òfo lápá kejì. Ó jó o mọ́ ibẹ̀, ìlà sí pọ́sítífù, ó tó wá ki BC547 kẹrin bọlé.