Àkójọ Kan, Ìkà Méjì

Ká ní ènìyàn 9 ló wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, tí wọ́n sì fẹ́ yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láàárín ara wọn. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn 9, ẹni kejì yóò jẹ́ ọ̀kan nínú 8 tó kù, ẹni kẹta yóò sì jẹ́ ọ̀kan nínú 7. Èyí jẹ́ 9 × 8 × 7, tíí ṣe 504. Ṣùgbọ́n nínú ìgbìmọ̀ yìí, kò sí ẹni àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni ìkẹyìn. Yálà Bọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ni o, tàbí Àjàyí, tàbí Dúpẹ́, àwọn mẹ́ta kan náà ni. Ọ̀nà 6 ni a lè gbà to orúkọ mẹ́ta, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ti ka ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí a bá fi 6 pín 504, ìgbìmọ̀ 84 ló kù.

Báyìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń kọ iye náà: C(9,3). Ó túmọ̀ sí iye ọmọ-àkójọ ohun 3 tí a lè rí yọ nínú àkójọ ohun 9. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí náà ló máa ń jáde nígbà tí a bá tú (x + y)⁹ palẹ̀. 84 ló máa ń wà níwájú x⁶y³, nítorí pé nínú àkámọ́ 9 náà, a ní láti yan 3 tí a ó ti mú y. Ìdọ́gba tó so àwọn nọ́ńbà yìí pọ̀ kò lóǹkà, áljẹ́brà sì lè fìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn múlẹ̀. Àmọ́ áljẹ́brà a máa sọ pé òótọ́ ni láìsọ ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí a wá àkójọ kan, kí a sì kà á lọ́nà méjì. Àkójọ kan kò lè ní iye méjì, nítorí náà èsì ìkà kìíní àti ti ìkà kejì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Èyí tó rọrùn jù ni kí a mú ẹnì kan, Bọ́lá fún àpẹẹrẹ, kí a wá bi ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè pé ṣé Bọ́lá wà níbẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ẹni 2 ló kù láti yàn nínú 8, èyí sì jẹ́ 28. Tí kò bá sí níbẹ̀, gbogbo ẹni 3 ni a ó yàn nínú 8, èyí sì jẹ́ 56. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè wà ní apá méjèèjì, kò sì sí èyí tó lè bọ́ sẹ́yìn. 28 àti 56 jẹ́ 84, ìdọ́gba náà sì ni C(9,3) = C(8,2) + C(8,3). Orí ìdọ́gba yìí ni onígun mẹ́ta nọ́ńbà tí wọ́n fi orúkọ Blaise Pascal ará Faransé pè dúró lé. Ọdún 1665 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ ọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú.

Ìbéèrè tó gbéṣẹ́ ju ìyẹn lọ ni èyí tó pín àkójọ náà sí ju apá méjì lọ. Ká ní obìnrin 4 àti ọkùnrin 5 ni àwọn 9 wọ̀nyí. Kí a wá to ìgbìmọ̀ 84 náà ní ìpele-ìpele, gẹ́gẹ́ bí iye obìnrin tó wà nínú wọn. Ìgbìmọ̀ tí kò ní obìnrin kankan jẹ́ C(5,3), ìyẹn 10. Fún obìnrin kan, ọ̀nà 4 ni a lè gbà yàn án, ọ̀nà 10 ni a sì lè gbà yan ọkùnrin méjì tó kù, ìyẹn 40. Fún obìnrin méjì, 6 × 5 ni, ìyẹn 30. Ìgbìmọ̀ tó jẹ́ kìkì obìnrin jẹ́ 4. Tí a bá ro 10, 40, 30 àti 4 pọ̀, 84 náà ló tún padà. Ìsọdipúpọ̀ ni a lò nínú ìpele kọ̀ọ̀kan nítorí pé yíyan obìnrin kò dí yíyan ọkùnrin lọ́wọ́. Àròpọ̀ ni a sì lò láàárín ìpele sí ìpele nítorí pé ìgbìmọ̀ kan kò lè wà ní ìpele méjì. Orúkọ Vandermonde, tó kọ̀wé lórí ìdọ́gba yìí ní 1772, ni wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n Zhu Shijie ará Ṣáínà ti mọ̀ ọ́n láti 1303.

A tún lè to ìgbìmọ̀ 84 kan náà lọ́nà tó yàtọ̀ pátápátá. Kí a fún àwọn 9 ní nọ́ńbà láti 1 dé 9, kí a wá wo nọ́ńbà tó ga jù nínú ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹni tó ga jù bá jẹ́ 7, àwọn méjì tó kù gbọ́dọ̀ wá láti inú 1 dé 6, èyí sì jẹ́ C(6,2), ìyẹn 15. Nọ́ńbà tó ga jù kò lè dín ní 3, kò sì lè ju 9 lọ. Bí a bá ṣe é láti 3 dé 9, a ó rí 1, 3, 6, 10, 15, 21 àti 28, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 84. Nípa báyìí, C(2,2) + C(3,2) + … + C(8,2) = C(9,3). Ẹni tó bá fẹ́ fi áljẹ́brà ṣe èyí yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ronú kan nọ́ńbà tó ga jù ti parí iṣẹ́ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà ni kíka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì láìfura. Bí a bá ní kí wọ́n ka ìgbìmọ̀ tó ní ó kéré tán obìnrin kan, wọ́n á ní kí a kọ́kọ́ yan obìnrin kan, ọ̀nà 4, kí a wá yan ẹni méjì yòókù nínú 8 tó kù, ọ̀nà 28. 4 × 28 jẹ́ 112, ó sì ti hàn pé èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbìmọ̀ kò ju 84 lọ. Èsì tó tọ́ ni 84 tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 74. Ohun tó fa ìṣìnà náà ni pé ìgbìmọ̀ tó ní obìnrin méjì, Bọ́lá àti Dúpẹ́, wọlé nígbà tí a fi Bọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó sì tún wọlé nígbà tí a fi Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò le: kí a mú ìgbìmọ̀ kan pàtó, kí a wo iye ìgbà tí ìlànà náà bí i. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìkà náà ti bàjẹ́.

Síbẹ̀, 112 kì í ṣe nọ́ńbà asán. Èsì ìbéèrè mìíràn ni: ọ̀nà mélòó ni a lè gbà yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ní alága, tí alága náà sì jẹ́ obìnrin? Tí a bá kọ́kọ́ yan ìgbìmọ̀ kí a tó yan alága, ìgbìmọ̀ 40 ní ẹnì kan ṣoṣo tó lè ṣe é, 30 ní ẹni méjì, 4 ní ẹni mẹ́ta. 40 + 60 + 12 jẹ́ 112, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó kọ́kọ́ yan alága. Àṣìṣe ti di ìdọ́gba.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ. Tí àmì ìyọkúrò bá wà nínú ìdọ́gba, bí i 1 − 4 + 6 − 4 + 1 = 0, kò sí àkójọ tí iye rẹ̀ lè dín sí òdo, nítorí náà a kò lè kàn kà á báyìí. Ohun tí ìdọ́gba náà ń sọ ni pé, nínú àkójọ ohun 4, iye ọmọ-àkójọ tí iye ohun inú wọn pé méjì-méjì, títí kan èyí tó ṣófo, kò yàtọ̀ sí iye àwọn tí tiwọn ṣẹ́ ku ọ̀kan. Dípò kíkà, síso pọ̀ ni a ń lò. Mú ohun kan nínú àwọn 4 náà. Tó bá wà nínú ọmọ-àkójọ, yọ ọ́, tí kò bá sí níbẹ̀, fi í kún un. Ìṣe yìí sọ gbogbo èyí tó pé méjì-méjì di èyí tó ṣẹ́ ku ọ̀kan, tí a bá sì tún un ṣe, ó padà sí bó ṣe wà. Mẹ́jọ ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyíkéyìí tí kò ní ẹnìkejì.