Bí Ìlà Bírò Ṣe Ń Di Àwòrán Aṣọ Tó Parí

Stable Diffusion, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ayàwòrán tí ènìyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Àìmọye fótò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọn fótò náà. Ìdí nìyí tí aránṣọ kan n'Íbàdàn fi lè tẹ “bùbá àti ìró àdìrẹ” sí i, kó sì rí kaba òyìnbó gbà. Ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ bùbá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya bùbá sórí ìwé fún un, tí wọ́n tún fi fótò àdìrẹ hàn án, ọ̀rọ̀ yí padà.

Iṣẹ́ méjì tó ṣeé so pọ̀ ló mú èyí ṣeé ṣe. Àkọ́kọ́ ni ControlNet, tí Lvmin Zhang, Anyi Rao àti Maneesh Agrawala ti Yunifásítì Stanford gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2023. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ̀ lé ìlà tí ènìyàn fà. Èkejì ni IP-Adapter, tí àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ Tencent ní Ṣáínà gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó wo fótò kan gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe, kó mú àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀.

Láti mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́, ó yẹ ká mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yàwòrán. Kì í fa ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ohun tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ni yẹ́rẹyẹ̀rẹ aláwọ̀ púpọ̀, bí ojú tẹlifíṣọ̀n tí kò rí ìkànnì mú. Ó máa ń nu yẹ́rẹyẹ̀rẹ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, nígbà ogún tàbí ọgbọ̀n, títí àwòrán á fi yọ. Ìgbà díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń pinnu ibi tí orí, apá àti ìdí aṣọ máa wà. Àwọn tó kẹ́yìn ló ń ṣe ojú òwú, ìṣẹ́po aṣọ àti òjìji. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ControlNet ń tọ́ka sí ìlà orí ìwé, IP-Adapter ń tọ́ka sí fótò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ náà sì ń sọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé aránṣọ náà. Ó fi bírò ya obìnrin tó dúró: bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìgbàanì lọ, ọrùn róbótó, ìró tó dé kókósẹ̀, gèlè lórí. Kò ya ojú, kò sì ya ìka. Ó fi fóònù ya ìwé náà ní fótò. Ibí yìí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti sábà máa ń wọlé. Bí òjìji ọwọ́ tàbí ti fóònù bá bọ́ sórí ìwé, ẹ̀rọ lè ka etí òjìji náà sí ìlà, kí aṣọ sì ní ojú rírán tí kò sí nínú èrò ẹni tó yà á. Ẹ̀bá fèrèsé lọ́sàn-án dára jù, kí wọ́n sì gé etí tábìlì kúrò nínú fótò náà.

Nínú ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo Stable Diffusion, ààyè wà fún ju àwòrán atọ́nà kan lọ. Ó fi ìwé bírò sí ààyè kìíní, ó sì yan `control_v11p_sd15_scribble`. Ìlà funfun lórí ilẹ̀ dúdú ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀yà yìí, bẹ́ẹ̀ ìlà dúdú ló wà lórí ìwé funfun. Ó ní láti yan `invert` kí kọ̀ǹpútà yí i padà. Bí ó bá gbàgbé, àwòrán tó jáde kì í jọ ohun tó yà rárá, àìmọ̀ á sì jẹ́ kó rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ó fi fótò àdìrẹ sí ààyè kejì, ó yan `ip-adapter-plus_sd15`, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ ṣókí tí kò dárúkọ aṣọ Yorùbá kankan:

```
woman standing, loose blouse, long wrapper, head tie, plain background
```

Àwòrán àkọ́kọ́ jáde. Apá bùbá fẹ̀ bó ṣe yà á gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n lórí ìwé ti di ìṣẹ́po aṣọ. Nọ́ńbà tó ń jẹ́ `Control Weight` ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlà tó. 1 ló máa ń wà níbẹ̀. Ó dín in sí 0.8. Ó tún gbé `Ending Control Step` sí 0.65, ìyẹn ni pé nígbà tí iṣẹ́ bá ti kọjá ìdajì dáadáa, ìlà bírò á dákẹ́, ẹ̀rọ á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀. Apá bùbá kò kúrò níbi tó wà, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ibi tí nǹkan máa wà ti ń dúró. Ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ ni kò hàn mọ́.

Ti fótò àdìrẹ ló le jù. Obìnrin kan ló wọ aṣọ náà nínú fótò tó kọ́kọ́ lò, níwájú ògiri aláwọ̀ osùn. Àwòrán tó jáde mú ògiri náà, ó sì mú ojú obìnrin náà pẹ̀lú. IP-Adapter kò mọ̀ pé aṣọ nìkan ni wọ́n fẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú fótò ló ń kó. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n gé fótò náà kó ku aṣọ nìkan, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ máa ń gé etí fótò tó bá gùn dànù kó tó wò ó. Nígbà tó gé e, tó sì dín agbára rẹ̀ sí 0.6, àwọ̀ ẹlú jáde dáadáa, ojú aṣọ sì jọ ti àdìrẹ.

Àmọ́ ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ á rí i kíá pé nǹkan kù. Bó bá jẹ́ Ìbàdàndùn ni aṣọ inú fótò náà, òpó gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n máa ń yà sára rẹ̀ kò ní jẹ́ òpó mọ́; ìlà wúruwùru kan á dúró níbẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n yàn ló fà á. Kí IP-Adapter tó wo fótò, ó máa ń sọ ọ́ di kékeré, písẹ́lì 224 níbùú àti 224 lóròó, bó ti wù kí fóònù tó yà á dára tó. Lẹ́yìn náà, ó máa ń kó gbogbo ohun tó rí sínú kókó mẹ́rìndínlógún péré. Mẹ́rin ni ti ẹ̀yà tí kò ní `plus`. Kókó mélòó kan bẹ́ẹ̀ lè sọ pé aṣọ aláró ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ wà lára rẹ̀, pé funfun àti búlúù ń gba ara wọn. Wọn kò lè gbé òpó kọ̀ọ̀kan dúró sáyè rẹ̀. Fífi kún agbára rẹ̀ kò tún un ṣe. Ṣe ló máa borí ìlà bírò, tí apá bùbá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì.

Ohun tí aránṣọ náà lè ṣe ni kó gé fótò náà sún mọ́ apá kan péré, bí igun mẹ́rin kan ṣoṣo nínú Ìbàdàndùn, kí àmì inú rẹ̀ lè tóbi tó láti hàn nínú písẹ́lì 224 náà. Àwòrán á sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n àmì náà kò ní jẹ́ òótọ́ síbẹ̀. Fún oníbàárà tó fẹ́ mọ bí bùbá ṣe máa rí lára, èyí tó. Fún ẹni tó fẹ́ san owó lórí aṣọ Ìbàdàndùn gan-an, kò tó rárá, kò sì yẹ kí wọ́n fi hàn án bí ẹni pé aṣọ tó máa gbà nìyẹn. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, aránṣọ náà á mú àwòrán tó parí lọ sínú ohun èlò àtúnṣe fótò, á yí bùbá àti ìró náà ká, á fi fótò aṣọ gidi bò wọ́n, á sì jẹ́ kí òjìji àti ìṣẹ́po tí ẹ̀rọ ti yà hàn lórí rẹ̀.