Bí Ọ̀rẹ́ Ẹni Bá Fìdí Rẹmi Nínú Wáẹ́ẹ̀kì

Lọ́jọ́ tí èsì Wáẹ́ẹ̀kì bá jáde, fóònù kì í sinmi. Ẹni tó ṣe dáadáa ti gbé èsì rẹ̀ sórí Wọ́sáàpù kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àǹtí àti bùrọ̀dá ń pè láti béèrè, ẹni tí ìdánwò náà kò sì bọ́ sí i lọ́wọ́ á pa fóònù tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá jókòó tì í, kò ní mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ohun tó sábà máa ń bọ́ sí i lẹ́nu ni "Fi Ọlọ́run ṣe" tàbí "Àkókò ẹ ni kò tíì tó." Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kò dáhùn ìbéèrè tó ń jẹ ọmọ náà lọ́kàn: kí ló kàn báyìí?

Inú ìwé èsì yẹn gan-an ni ìdáhùn wà, ọ̀pọ̀ ni kì í sì tún fẹ́ fojú kàn án mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ohun tó dùn wọ́n níbẹ̀. Bí ẹnì kan ṣe ṣe nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni Wáẹ́ẹ̀kì ń kọ fún un, láti A1 dé F9. C6 sókè ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8 kì í ṣe òdo, páàsì ni wọ́n, àmọ́ yunifásítì kì í gbà wọ́n fún iṣẹ́ tó bá ní dandan ni kírẹ́díìtì.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní B3 nínú Yorùbá àti Ẹkọnọ́míìsì, C5 nínú Gẹ̀ẹ́sì, C6 nínú Báyọ́lọ́jì àti Físíìsì, D7 nínú Ìṣirò, E8 nínú Kẹ́mísírì. "Mo ti fèélì" ló ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, nítorí náà ìbànújẹ́ rẹ̀ ní ìdí. Ọ̀rẹ́ tó bá sọ fún un pé kò sí nǹkan kan ń purọ́, òun náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mẹ́ta ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú márùn-ún, méjì ló kù. Ohun tó yẹ kí ọ̀rẹ́ gidi ràn án lọ́wọ́ láti rí nìyẹn.

Kì í ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣá o. Lọ́jọ́ yẹn, kí ó sunkún. Kí ọ̀rẹ́ bá a jókòó, kó gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́, kó sì bá a dáhùn fóònù àwọn ẹbí tó ń béèrè èsì bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé èsì kò ní sá lọ.

Bí wọ́n bá wá gbé e kalẹ̀, kí wọ́n wò ó dáadáa, nítorí èsì náà lè ṣì. Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, Wáẹ́ẹ̀kì kéde pé àwọn 754,545 ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti èsì náà pa, wọ́n tọrọ gáfárà, wọ́n sì tún un gbé jáde. Wọ́n ti pín ìbéèrè sí oríṣiríṣi kí àwọn ọmọ má baà wo ti ara wọn, ṣùgbọ́n àṣìṣe wọ inú títẹ ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi A, B, C, D dáhùn, ọ̀pọ̀ ọmọ sì di ẹni tí wọ́n fi ìdáhùn tí kì í ṣe tirẹ̀ máàkì fún. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, iye náà di 1,239,884, ìdá 62.96. Ó lé ní 480,000 ọmọ tó ti sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá. Irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ìrètí rẹ̀ kà á. Àmọ́ bí ìkan nínú èsì bá yàtọ̀ pátápátá sí bí ọmọ náà ṣe máa ń ṣe nílé ìwé, kó padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì bi ilé ìwé rẹ̀.

Bí èsì náà bá tọ̀nà, iṣẹ́ méjì yẹn ló kàn. Yunifásítì púpọ̀ ní Nàìjíríà máa ń gba èsì ìjókòó méjì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀ka kan níbì kan, pàápàá ẹ̀ka ìṣègùn, ṣì ń béèrè ìjókòó kan ṣoṣo, kí wọ́n sì béèrè kí wọ́n tó náwó. Wáẹ́ẹ̀kì ti àdáni, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní Jíì-Síì-Íì, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wáyé lọ́dún. Èyí àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nẹ́kò náà ní ti àdáni tirẹ̀ ní ìparí ọdún. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọ fi ìbínú padà lọ ka gbogbo iṣẹ́ látòkè délẹ̀, kí àsìkò tó yẹ kó fún Kẹ́mísírì bọ́ sórí èyí tó ti yege.

Nínú Ìṣirò, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé: "Èwo lo fò?" Nínú ìwé tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìdáhùn, ìbéèrè 13 ló wà, 10 ni wọ́n ń dáhùn. Márùn-ún àkọ́kọ́ pọn dandan, máàkì 40 ló sì wà lórí wọn. Márùn-ún tó kù, tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń yàn, ló ní 60. Nínú ìjábọ̀ tí olórí àwọn tó ń máàkì ń kọ, tí Wáẹ́ẹ̀kì sì ń gbé síta, ẹ̀sùn kan náà ló ń padà wá: ọ̀pọ̀ ọmọ ń sá fún jọ́mẹ́tìrì, wọn kì í lè sọ ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ di ìṣirò, wọn kì í sì í fi ìdáhùn sí iye nọ́ńbà tí ìbéèrè ní kí wọ́n fi í sí. Àìsàn tó ṣeé wò ni gbogbo èyí.

Ti Kẹ́mísírì ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọmọ ilé ìwé ń wọ láàbù, ó ń fi búrẹ́ẹ̀tì ṣe ìdánwò. Ẹni tó ń ṣe ti àdáni ń dáhùn ìbéèrè nípa iṣẹ́ láàbù lórí ìwé ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú láàbù lè rí ìsinmi níbẹ̀, bí ó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka búrẹ́ẹ̀tì, tó sì ń kọ ọ́ sí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì, bíi 24.50.

Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni ẹnì kan yóò wá sọ̀rọ̀ mírákù sẹ́ńtà. Ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a dáwó sí i. Èsì tí wọ́n dá dúró tàbí tí wọ́n fagi lé kò ṣeé fi wọlé níbì kankan, yóò sì tún fi ọdún mìíràn ṣòfò.

Bí ọmọ náà bá sì ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tí kò jẹun, tí kò sùn, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn èèyàn, ìyẹn kì í ṣe àṣírí láàárín ọ̀rẹ́. Kí ọ̀rẹ́ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kó sọ fún òbí tàbí àgbàlagbà tó ṣeé gbọ́kàn lé lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Máàkì Jáńbù kì í ju ọdún kan lọ, àmọ́ wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń retí èsì Wáẹ́ẹ̀kì forúkọ sílẹ̀, kó fi èsì náà ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ọmọ tó bá ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lè fi í wọlé lọ́dún kan náà. Ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ parí. Ẹ bá ọ̀rẹ́ yín lọ sí káfé kó tó parí.