Orúkọ Mẹ́ta Lórí Ìwé Ilé Kan

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ilé kan ṣoṣo, odidi owó ilé ló wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ká ní owó ilé jẹ́ 1,500 pọ́n-ùn lóṣù: ẹni tó gba yàrá ńlá ń san 600, àwọn méjì yòókù ń san 450 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá sá lọ láìsan 450 tirẹ̀, onílé lè gbà á lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú àwọn tó kù. Ìpín wọn kò kan onílé rárá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ síra wọn kí wọ́n tó kó wọlé: iye tí kálukú yóò san, ọjọ́ tí yóò san án, àti ẹni tí owó iná wà lórúkọ rẹ̀, torí òun ni ilé-iṣẹ́ iná yóò mú.