Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Pẹlẹbẹ Ilé Iṣẹ́ fún Oníbàárà Tó Ń Béèrè Ẹ̀rí

Ìwé pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ kan fi ń ta iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mìíràn kì í sábà dúró lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹnjiníà tó ń bójú tó ẹ̀rọ lè gbà á lónìí, kó gbé e fún ẹni tó ń rajà fún ilé iṣẹ́ lọ́la, kí ìyẹn tì í sọ́dọ̀ akáúńtáǹtì, kó tó dé orí tábìlì ọ̀gá àgbà tí yóò fọwọ́ sí owó. Ohun tí kálukú wọn ń wá sì yàtọ̀. Ẹnjiníà fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà. Akáúńtáǹtì ń wo iye tí yóò ná ilé iṣẹ́ àti ohun tí yóò fi pamọ́ fún un. Ọ̀gá ń béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí, tó sì dára. Kò sí ẹni tó ń ta iṣẹ́ náà nítòsí láti dáhùn, ìwé yẹn nìkan ni ẹnu rẹ̀.

Èyí ló fà á tí ìwé tó fi ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ àti àwòrán alága ṣíde fi máa ń di ohun tí wọ́n fi ń gbé ife tíì lé. Gbólóhùn bíi “ọ̀jáfáfá ni wá” tàbí “oníbàárà lọba” kò ní ohun kan tí ẹnjiníà lè dì mú. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mọ̀: kí òǹkọ̀wé pa orúkọ ilé iṣẹ́ náà rẹ́, kó fi ti ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì bá a mu, kò tíì sọ nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ tó lè la ọ̀rọ̀ yìí yé ni ti ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ fún àwọn ilé búrẹ́dì ńlá. Bí iná bá kú nígbà tí búrẹ́dì wà nínú ààrò, tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ tí kò ṣí, fúláwà tí wọ́n ti pò á wú kọjá ààlà, ó sì di àdánù. Àbájáde tí onílé búrẹ́dì fẹ́ rí nínú ìwé náà kò ju pé kí ìyẹn má ṣẹlẹ̀ mọ́, kí owó dísù sì rọlẹ̀.

Ká ní ilé búrẹ́dì kan ń jó 1,200 lítà dísù lóṣù kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà, tó sì wá ń jó 1,080 lítà lẹ́yìn rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá kánjú á kọ ọ́ pé dísù dín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó béèrè iye àpò fúláwà tí wọ́n lò. Bó bá jẹ́ 400 àpò lóṣù tẹ́lẹ̀, tó sì ti di 450, a jẹ́ pé lítà mẹ́ta ni wọ́n ń jó lórí àpò kan tẹ́lẹ̀, tó ti wá di 2.4. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló dín. Iye tó ṣe é fi ṣírò lórí àpò kan yìí ni akáúńtáǹtì ilé búrẹ́dì mìíràn lè mú, kó fi ṣe ìṣirò ti tirẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. Bó bá jẹ́ pé iná ìjọba ló gbéra sókè láàárín oṣù wọ̀nyẹn, jẹnẹrétọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ tó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, dísù á sì dín fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ohunkóhun ṣe. Nítorí náà ni òǹkọ̀wé gidi fi ń lọ wo aago tó wà lára ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí iṣẹ́ rẹ̀. Bí wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ kò bá yàtọ̀ púpọ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn, iye náà dúró. Bó bá yàtọ̀, kó fi ti dísù sílẹ̀, kó sì kọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà kú lójijì láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú àti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn, bó ṣe wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó ń tan ẹ̀rọ. Kó sọ ibi tí iye náà ti wá, kó sì fi owó tí wọ́n fi ra ẹ̀yà tuntun sí i. Àbájáde tí kò dárúkọ ohun tó ná ènìyàn máa ń jọ irọ́ lójú akáúńtáǹtì.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni wọ́n máa ń kọ láìdára jù. Ọ̀pọ̀ á ya àmì ọfà mẹ́rin, wọn á kọ “àyẹ̀wò, ètò, iṣẹ́, ìtẹ́lọ́rùn” sí i, wọn á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnjiníà fẹ́ mọ̀ ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láti ẹnu géètì ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú ìwé tó dára, yóò kà pé àwọn méjì ni yóò wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, pé wọ́n á yẹ ẹ̀rọ wò fún wákàtí mẹ́ta, àti pé ìròyìn pẹ̀lú iye owó yóò dé ọwọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Wọn kò ní fọwọ́ kan bóòtù kankan kí ó tó fọwọ́ sí i. Yóò kà pé ní gbogbo wákàtí 250 tí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti àsẹ́ rẹ̀, pé lẹ́yìn àtúnṣe wọ́n á gbé ẹrù iná lé ẹ̀rọ fún odindi wákàtí kan kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́. Ìbéèrè tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni wákàtí mélòó ni ẹ̀rọ yóò fi wà ní pípa, àti kí ni ilé búrẹ́dì yóò fi ṣiṣẹ́ lákòókò náà. Ìwé tó bá fo ìyẹn kò tíì ṣàlàyé ìlànà kankan. Ó tún yẹ kó sọ ẹni tí wọ́n máa pè bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ ní agogo méjì òru, àti ohun tí ilé iṣẹ́ náà yóò san bó bá pẹ́ kó tó dé.

Ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó jọ sí ẹ̀yìn ìwé bí àmì ẹ̀yẹ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń gbè ló yẹ kó wà, kó sì jẹ́ ohun tí òǹkàwé lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ lọ́dọ̀ àjọ CAC ṣe é yẹ̀ wò. Ìwé ẹ̀rí ISO 9001 náà ṣe é yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbẹ̀: àjọ ISO fúnra rẹ̀ kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n lo àmì òun fún irú èyí. Àwọn ilé iṣẹ́ ayẹ̀wéwò ló ń fúnni. Orúkọ ẹni tó fúnni, irú iṣẹ́ tó kàn, àti ọjọ́ tí yóò parí ló yẹ kí wọ́n kọ. Bí ìwé ẹ̀rí náà bá jẹ́ ti ọ́fíìsì Èkó nìkan, kí wọ́n má fi bo ti Ìbàdàn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ìyìn láti ẹnu oníbàárà wúlò bí ẹni tó sọ ọ́ bá jẹ́ ẹni tó mọ ẹ̀rọ, tí ipò rẹ̀ wà níbẹ̀, tó sì fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. “Wọ́n ṣe dáadáa” kò tó. “Láti oṣù kẹta, ẹ̀rọ kò kú lórí búrẹ́dì mọ́” ń sọ nǹkan. Àwòrán náà bẹ́ẹ̀: òyìnbó tó wọ akoto funfun tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń tú àṣírí ni. Fótò tí wọ́n fi fóònù yà ní ẹ̀yìnkùlé ilé búrẹ́dì, tí ọ́ìlì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, sàn jù ú lọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà lòdì sí ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà, gbogbo iye tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ ní fáìlì kan tó ti í lẹ́yìn lọ́fíìsì.

Ojú ewé mẹ́jọ tó fún gbogbo èyí. Ìwé tí wọ́n fi píìnì dì láàárín máa ń jẹ́ ojú ewé mẹ́rin-mẹ́rin ni, nítorí náà ẹni tó kọ ojú ewé mẹ́sàn-án á rí i pé òfìfo mẹ́ta ni atẹ̀wé Ṣómólú máa fi kún un, tàbí kó ní kó gé e kúrú. Àbájáde ilé búrẹ́dì kan ṣoṣo, tí wọ́n sọ délẹ̀, ló ń ṣáájú, ìlànà iṣẹ́ á gba àárín, èyìn ìwé á sì gbé nọ́ńbà fóònù ẹni kan tó ń gbé e, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà. Kí wọ́n má tẹ̀ ju èyí tí wọ́n lè pín tán kí ìwé ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀ tó parí.